Kí ẹ tó gbé àjà méjì sórí ilé tó ti wà: bí lẹ́tà àyẹ̀wò enjiníà ṣe yẹ kó rí

Irin mẹ́rin ló yọ ṣóńṣó lórí òpó iwájú ilé Alhaja, wọ́n ti dípáta, ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sáàárín wọn. Ibẹ̀ ni Alhaja kọ́kọ́ nawọ́ sí nígbà tí mo dé. “Enjiníà, ẹ wò ó, wọ́n ti fi sílẹ̀ fún wa. Bàbá wọn ti ní in lọ́kàn látilẹ̀ pé ilé yìí á ṣì gòkè.”

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ìsàlẹ̀ àti òkè, ní àdúgbò Adéníkẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ló ń gbé inú rẹ̀, yàrá kì í sì í ṣófo níbẹ̀ lọ́dún. Alhaja fẹ́ gbé àjà méjì míì lé e, kí yàrá di ìlọ́po méjì. Birikilà tó bá a ṣe é nígbà náà ti sọ fún un pé ìpìlẹ̀ ilé náà lè gbé dẹ́kì mẹ́ta láìmira. Lẹ́tà ló kù, nítorí pé ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí pláànù kò gbà á láìsí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Màá sọ bí mo ṣe ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ̀yin tí ẹ ní ilé lè mọ ohun tí ẹ máa bi enjiníà yín, kí ẹ sì mọ lẹ́tà gidi yàtọ̀ sí bébà tí wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ fi irin tó yọ yẹn sílẹ̀. Irin tó yọ lórí òpó kò sọ nǹkankan fún wa nípa ẹsẹ̀ òpó náà. Ó lè jẹ́ pé irin ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ tí birikilà kò fẹ́ gé e. Ó sì lè jẹ́ pé onílé ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, láìsọ fún ẹni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo ti rí ilé tí irin yọ lórí gbogbo òpó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ òpó ìsàlẹ̀ kò fẹ̀ ju àwo ńlá méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Lẹ́tà tó bá kàn sọ pé “a ti yẹ ilé náà wò, ó lágbára” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé tó dúró ló lágbára láti gbé ohun tó ń gbé lónìí, ojú lásán ń rí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé: bí ẹrù bá kún un, ṣé òpó tó wà yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà lè gbé e? Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iye nínú, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti rí iye náà. Bí ẹ bá ka lẹ́tà kan tí ẹ kò rí ìwọ̀n ẹsẹ̀ òpó kankan nínú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ẹ bèèrè owó yín padà.

Ẹ má sì fi lẹ́tà yìí pe ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ìjọba ló ń fún yín ní ìwé àṣẹ, ilé tí ó ní ìwé àṣẹ alájà kan sì nílò òmíràn kó tó di alájà mẹ́ta. Enjiníà tó bá máa kọ ọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ enjiníà ní Nàìjíríà, kí òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí bébà náà.

Pláànù, àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀

Alhaja mú pláànù jáde láti inú báàgì kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dára, gbogbo yàrá pé níbẹ̀, ibi tí wíńdò máa wà àti ibi tí ilẹ̀kùn máa ṣí sí. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán irin. Kò sí ibi tí wọ́n kọ iye irin inú òpó sí, kò sì sí ibi tí wọ́n ya ìpìlẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́dọ̀ wa, èmi kò tilẹ̀ bínú mọ́. Bí àwòrán irin bá wà, iṣẹ́ tiwa ni kí a wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí, a óò ṣí ilé náà wò.

Mo bi í léèrè nǹkan mẹ́rin: ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ, ta ló pò kọ́ńkéré rẹ̀, kí ni wọ́n ti fi kún un láti ìgbà náà, àti kí ni wọ́n ti wó nínú rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta àti ìkẹrin ló máa ń ya àwọn onílé fúnra wọn lẹ́nu. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́ ilé yìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi po kọ́ńkéré, láìsí ẹ̀rọ. Táńkì omi méjì oní-lítà 2,000 wà lórí dẹ́kì báńkónì, ìyẹn tọ́ọ̀nù mẹ́rin nígbà tí omi bá kún inú méjèèjì, kò sì sí nínú pláànù rárá.

Yípo ilé ká

Èmi kì í mú irinṣẹ́ kankan jáde ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá yí ilé ká. Ojú ni mo fi ń wò. Ògiri tó fọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí irun lórí ibi tí wọ́n rẹ́, tí kò tọ ọ̀nà kan pàtó, símẹ́ńtì tó gbẹ jù ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ohun tí mo ń wá ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun wíńdò tó sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ sókè bí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ìyẹn ń sọ pé apá kan ilé ti lọ sílẹ̀ ju apá kejì lọ.

Ó wà níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn ilé, láti igun wíńdò ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo ki káàdì ATM mi bọ̀ ọ́, ó wọlé. Káàdì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó mìlímítà kan, mo sì fẹ́ràn láti máa fi í wọ̀n nítorí pé onílé máa ń rántí rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí ìdérí sókàwéè ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì sí òpó igun náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lábẹ́ bàtà mi, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Alhaja ní ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i ni sókàwéè bẹ̀rẹ̀ sí í kún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí yàrá tó bá di ìlọ́po méjì, omi ẹ̀gbin rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì.

Ṣíṣí òpó wò

Òpó mẹ́rin ni mo ní kí wọ́n ṣí: méjì láàárín ilé ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní etí, ọ̀kan ní igun ẹ̀yìn yẹn. A kì í ṣí ju bí àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, a sì máa ń fi kọ́ńkéré tó le dí i padà lọ́jọ́ kan náà. Mo lo ẹ̀rọ tó ń wá irin kí wọ́n tó fi ṣísẹ́ẹ̀lì kàn án, kí wọ́n má baà lu irin.

Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 225 ní 225, ìyẹn bí búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án. Irin mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Birikilà ní 16 ni. Mo fi kálípà mú un: mìlímítà 11. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12 lọ́jà ni, tó sì tín-ín-rín ju orúkọ rẹ̀ lọ. Mi ò ní dá birikilà lẹ́bi pátápátá lórí èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irin tí wọ́n gbé wá fún un ló lò. Àmọ́ òrùka irin tó di àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú jìnnà sí ara wọn ní 300. Ó yẹ kí àlàfo òrùka má ju ìlọ́po 12 irin tó kéré jù nínú òpó, ìyẹn nǹkan bí 130 sí 145 níbí. Òrùka tó jìnnà máa ń jẹ́ kí irin tẹ̀ síta nígbà tí ẹrù bá wúwo, òpó á sì bẹ́ láìkọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni kọ́ńkéré fúnra rẹ̀. Òòlù àyẹ̀wò wà tí a ń tì mọ́ ara kọ́ńkéré, tó ń ta padà, tí iye tó bá ta padà ń sọ bí ojú kọ́ńkéré ṣe le tó. Ó yá, kò sì ba nǹkankan jẹ́. Ṣùgbọ́n awọ ara kọ́ńkéré nìkan ló ń kà. Kọ́ńkéré tó ti gbó, tí atẹ́gùn ti wọ awọ rẹ̀, máa ń le lójú ju inú lọ, òòlù á sì máa pọ́n ọn lé. Nítorí náà mo fi òòlù yípo gbogbo òpó láti mọ èyí tó yàtọ̀ sí àwọn tó kù, mo sì gé kọ́ńkéré mẹ́ta jáde bí agolo kékeré fún yàrá àyẹ̀wò kó fọ́ wọn. Ara bíìmù méjì àti òpó òkè kan tí ẹrù rẹ̀ kéré ni mo ti gé wọn, mi ò gé òpó ìsàlẹ̀ tó ń gbé gbogbo ilé.

Ohun tó bọ̀ wá ni 13, 15 àti 17, ní níútìnì fún mìlímítà onígun mẹ́rin. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 15. Ohun tí ẹni tó bá ya irú ilé yìí máa ń retí ni 20, ó kéré tán.

Ihò tó ń sọ òótọ́

Bí owó yín kò bá tó nǹkan méjì, ẹ fi èyí ṣe èkíní. Ẹ gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ òpó títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Méjì la gbẹ́: ọ̀kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní ẹ̀gbẹ́ òpó àárín, ọ̀kan ní igun ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́, wọn kì í gbẹ́ yíká, wọn kì í sì í gbẹ́ kọjá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ihò náà sílẹ̀ di òru tí òjò bá ń ṣú.

Ní àárín, ẹsẹ̀ òpó náà fẹ̀ ní mítà 1.2 ní 1.2, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà 1.1 sí ojú ilẹ̀. Birikilà ti sọ pé mítà kan ààbọ̀ ni ó fẹ̀. Nígbà tí a fi tépù lé e lójú rẹ̀, ó ní bóyá ti ilé kejì ni òun ń rántí. Ilẹ̀ pupa tó dì ló wà níbẹ̀, irú èyí tí a mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí òkúta pupa wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. A gbé ọ̀pá irin onímú ṣóńṣó lé e, a ń ka iye ìgbà tí òòlù ń bọ́ lù ú kó tó wọlé. Mo gbà pé ilẹ̀ yẹn lè gbé tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà onígun mẹ́rin kan láìséwu.

Ní ẹ̀yìn, amọ̀ tó ní àwọ̀ eérú ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, omi sì ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òórùn tí kò jẹ́ kí a máa bèèrè ibi tó ti ń wá. Ọ̀pá irin yẹn wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀bà. Ohun tí ibẹ̀ lè gbé kéré púpọ̀ sí ti àárín. Àpáta wà lábẹ́ ìlú yìí níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjìnnà rẹ̀ sí òkè kò dọ́gba nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní “ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ le, kò sí wàhálà” kò tíì gbẹ́ ihò méjì nínú ilé kan náà rí.

Ìṣirò òpó kan

Mo mú òpó àárín nítorí òun ló ń gbé ẹrù jù. Apá dẹ́kì tó ń gbé jẹ́ mítà 3.6 ní mítà 4, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 14.4. Ẹ jẹ́ ká ka ẹrù àjà kan ṣoṣo.

Dẹ́kì tó nípọn ní mìlímítà 150 wúwo ní kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ìrẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, símẹ́ńtì ojú rẹ̀ àti táìlì fi nǹkan bí 120 kún un. Ènìyàn, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti ìwé, a fi 200 sílẹ̀ fún wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 680, lórí 14.4 ó di tọ́ọ̀nù 9.8.

Ògiri ló kàn, òun sì ni onílé máa ń gbàgbé. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì, mítà onígun mẹ́rin rẹ̀ kan kọjá kílò 300. Ògiri tó wà ní agbègbè òpó yìí, lẹ́yìn tí a yọ ilẹ̀kùn kúrò, gùn ní mítà 6, ó ga ní 2.8. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5.4 nìyẹn. Bíìmù àti òpó fúnra wọn jẹ́ 1.5. Àjà kan, lórí òpó kan: tọ́ọ̀nù 16.7.

Lónìí, ẹsẹ̀ òpó yẹn ń gbé àjà òkè kan, páànù, gẹdú àti síìlì tí mo ka sí 2.5, pẹ̀lú òpó ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19.5. Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ nítorí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ló jókòó lé. Ẹ pín 19.5 sórí ẹsẹ̀ tó jẹ́ 1.44, ó jẹ́ 13.5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ilẹ̀ lè gbé 15. Ìdí nìyẹn tí ilé fi dúró láti ọdún 2004, tí birikilà fi ń yangàn.

Ẹ wá fi àjà méjì kún un. 33.4 lé lórí 19.5, ó di 52.9. Lórí ẹsẹ̀ kan náà, ó di nǹkan bí 37 níbi tí ilẹ̀ ti ń gbé 15.

Mo fi símẹ́ńtì ṣàlàyé rẹ̀ fún Alhaja, nítorí ó ti ta á rí ní Tàkíé. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Tírélà tó kó àpò 600 ru tọ́ọ̀nù 30. Àjà méjì yẹn dà bí ìgbà tí ẹ gbé gbogbo ẹrù tírélà kan, àti àpò bí 70 lé e, sórí òpó kan ṣoṣo tí ọwọ́ ènìyàn lè gbá mọ́ra. Alhaja dákẹ́. Ó wá ní, “Òpó kan, àbí gbogbo ilé?” Mo ní òpó kan.

Òpó fúnra rẹ̀ náà kò yege. Pẹ̀lú kọ́ńkéré 15 àti irin mẹ́rin tó jẹ́ 11, agbára rẹ̀ dé òpin ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù 38. Nígbà tí a bá ń fi agbára ìparí bẹ́ẹ̀ wé ẹrù, a kì í fi ẹrù gan-an wé e, a máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ fún ààbò, nǹkan bí ìlọ́po 1.45 nínú ilé gbígbé bí èyí. Lónìí: 19.5 di 28, ó yege. Pẹ̀lú àjà méjì: 52.9 di 77, kò yege rárá. Alhaja bèèrè bóyá kí á fi ọ̀kan sílẹ̀, kí á gbé ẹyọ kan. 36.2 di 52 lórí òpó tó lè gbé 38, ilẹ̀ sì ń gba 25 dípò 15. Ẹyọ kan náà kò gbà.

Ìyẹn ni àárín, níbi tí ilẹ̀ ti dára.

Bí mo ṣe kọ lẹ́tà náà

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èyí tí mo lu òǹtẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mo kà á fún un ní Yorùbá. Ojú ìwé méjì ni, pẹ̀lú àwòrán àti èsì yàrá àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀. Ìdájọ́ ló wà lókè, kí ẹni tí kò bá ní sùúrù lè rí i kó tó ju bébà sílẹ̀:

“Alhaja, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ ní kí n yẹ ilé yín wò bóyá ó lè gbé àjà méjì sí i. Èsì mi ni pé kò lè gbé e bó ṣe wà yìí, kò sì lè gbé ẹyọ kan. Ó lè máa gbé ohun tó ń gbé lónìí lọ, bí ẹ bá ṣe àtúnṣe tí mo kọ sí ìpínrọ̀ karùn-ún.”

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí mo wọ̀n àti ibi tí mo ti wọ̀n ọ́, lẹ́yìn náà ìṣirò òpó àárín, ní ìlà mẹ́wàá péré. Ìpínrọ̀ kan tún wà tí àwọn onílé máa ń rò pé enjiníà fi ń bo ara rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáàbò bo àwọn náà:

“Òpó mẹ́rin ni mo ṣí nínú mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ̀ òpó méjì ni mo rí. Mi ò rí irin inú dẹ́kì. Mo gbà pé àwọn tó kù jọ àwọn tí mo rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí òmíràn tó sì burú ju ìwọ̀nyí lọ, kí wọ́n pè mí kí wọ́n tó tẹ̀síwájú.”

Ẹ máa wá ìpínrọ̀ yìí nínú lẹ́tà tiyín. Enjiníà tí kò bá sọ ohun tí kò rí, ó ń jẹ́ kí ẹ rò pé ó rí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà tó kù

“Rárá” nìkan kò tó onílé, mo sì kọ ọ̀nà mẹ́ta sí i.

Èkíní ni kí wọ́n fún ilé lágbára. Ẹsẹ̀ òpó àárín máa ní láti fẹ̀ tó mítà 1.9 ní 1.9, kí wọ́n fi irin tuntun àti kọ́ńkéré wọ òpó láṣọ títí yóò fi nípọn tó mìlímítà 400. Wọ́n á kọ́kọ́ fi irin gbé dẹ́kì ró, wọ́n á sì máa ṣe òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, láì gbẹ́ òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn papọ̀. Àwọn ayálégbé á kó jáde. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òpó mẹ́rìndínlógún ni, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ yàrá tí wọ́n á fọ́ tí wọ́n á sì tún dà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe é bí owó rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ owó ilé tuntun, níbí ó sì sún mọ́ ọn gan-an.

Èkejì ni òpó tuntun láti ìta, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tiwọn, tí wọ́n á rékọjá ilé àtijọ́ lọ gbé àjà òkè láìfara kàn án. Ọgbà Alhaja kò fẹ̀ tó o ní apá ọ̀tún, nítorí náà ìlà méjì péré ni mo kọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń gbin ilá sí. Ilé tuntun alájà méjì níbẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán irin rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, máa mú yàrá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó fẹ́ wá, àwọn ayálégbé kò sì ní kó jáde fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n amọ̀ eérú yẹn lè wà níbẹ̀ náà, nítorí náà ihò mẹ́ta ló máa ṣáájú, ní àsìkò òjò, nígbà tí omi ilẹ̀ bá ga jù.

Àbúrò Alhaja ọkùnrin tó wà níbẹ̀ pè mí sẹ́yìn mọ́tò. Ó ní ṣé mi ò lè kọ òmíràn, kí n fi “pẹ̀lú àbójútó tó péye” sí i, kí ọ́fíìsì lè fọwọ́ sí i, wọ́n á sì rí tèmi rò. Irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wá, kì í sì í ṣe pé ènìyàn burúkú ló ń sọ ọ́. Mo rán an létí ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkọ̀tún, Èkó, tó wó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 nígbà tí wọ́n ń fi àjà kún un. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo ní kó bi ara rẹ̀ léèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn nínú ilé yìí lálẹ́.

Ìpínrọ̀ karùn-ún ni iṣẹ́ tí kò lè dúró dìgbà tí wọ́n bá pinnu. Kí wọ́n sọ̀ táńkì méjèèjì kalẹ̀ láti báńkónì sórí ilẹ̀. Kí wọ́n dí sókàwéè yẹn pa, kí wọ́n gbẹ́ tuntun jìnnà sí gbogbo ilé, ó kéré tán mítà 6. Kí wọ́n fi símẹ́ńtì lẹ dígí pẹlẹbẹ mẹ́ta gba ojú ibi tó fọ́ lẹ́yìn ilé kọjá, kí wọ́n kọ déètì sí i lára. Bí dígí bá fọ́, ilẹ̀ ṣì ń lọ. Bí ó bá pé oṣù mẹ́fà tí àsìkò òjò kan wà láàárín rẹ̀ tí kò fọ́, a lè dí ògiri náà.

Àti irin orí òpó: mo ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpáta kúrò, kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n fi símẹ́ńtì dé e, kí omi má baà máa gba ara rẹ̀ wọnú òpó. Alhaja ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹyẹ pa ẹyin rẹ̀ tán ná.